19% lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àbí 18% lóṣooṣù: èwo ló ń pa owó wọlé jù?

Àbẹ̀ní_Ṣágámù

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. ₦500,000 wà lọ́wọ́ mi tí mi ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún kan gbáko. Báńkì kan ní òun á fún mi ní 19% tó bá ti pé ọdún. Èkejì ní 18% ni tòun, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni òun á máa ka èlé sórí owó náà. Èmi sọ pé 19 ju 18 lọ, kí la tún ń jiyàn lé? Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní báńkì kejì kàn ń rẹ́rìn-ín. Kí ló mọ̀ tí mi ò mọ̀?

Káyọ̀dé_Alágbèéká

Ọmọkùnrin yẹn ò purọ́ fún yín. Oṣooṣù ni kí ẹ mú, torí èlé á máa bímọ. Kódà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kà á lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń kà á léraléra tó, bẹ́ẹ̀ lowó á ṣe máa pọ̀ tó, kò lópin. Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń san èlé láràárọ̀, mi ò wo ojú báńkì mọ́.

Baba_Ọ́dítọ̀

Káyọ̀dé, o rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, àmọ́ "kò lópin" yẹn, mo ń bọ̀ wá bá ẹ níbẹ̀.

Àbẹ̀ní, ẹ jẹ́ ká gbé oṣooṣù tì ná, ká ní báńkì kejì yẹn ń ka èlé lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún. Kò ní fún yín ní 18% lẹ́ẹ̀mejì o. Ńṣe ló máa pín 18 sí méjì: 9% lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 9% lẹ́yìn oṣù méjìlá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ₦45,000 wọlé. Tó bá di ìparí ọdún, ₦500,000 tẹ́ ẹ kó sílẹ̀ tún mú ₦45,000 míì wá. Àpapọ̀ ₦90,000, iye kan náà tí 18% ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ì bá fún yín. Níbi tá a dé yìí, ẹ ò tíì jèrè nǹkan kan lórí pínpín tí wọ́n pín in.

Ṣùgbọ́n ₦45,000 tó kọ́kọ́ wọlé yẹn, ibo ló wà láti oṣù keje sí ìkejìlá? Ó ti dara pọ̀ mọ́ ojú owó, òun náà sì gba 9% tirẹ̀, ìyẹn ₦4,050. Gbogbo ohun tí kíka èlé lẹ́ẹ̀mejì fi kún un fún yín ni ₦4,050 yẹn. Owó yín di ₦594,050 dípò ₦590,000. Tẹ́ ẹ bá pín èrè yẹn fún ojú owó, ó jẹ́ 18.81%. 18% ló wà lórí ìwé, 18.81% ló wọlé.

Tó bá wá jẹ́ oṣooṣù, wọ́n á pín 18 sí méjìlá, 1.5% lóṣù. Oṣù kìíní, ₦7,500 wọlé, owó di ₦507,500. Oṣù kejì, orí ₦507,500 ni wọ́n ti máa kà á, nítorí náà ₦7,612.50 ló máa wọlé, kì í ṣe ₦7,500 mọ́. Oṣù kẹta, ₦7,726.69. Ẹ rí i pé bó ṣe ń lọ ló ń fi díẹ̀díẹ̀ lé sí i. Tó bá pé oṣù méjìlá, ẹ máa bá ₦597,809 níbẹ̀. Báńkì àkọ́kọ́ á fún yín ní ₦595,000. Ìdí tọ́mọ yẹn fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Àbẹ̀ní_Ṣágámù

Ẹ ṣeun púpọ̀, Baba. Ṣé ó dìgbà tí mo bá tò ó lóṣooṣù báyìí kí n tó mọ̀? Mo tò ó dé oṣù karùn-ún, orí ti ń fọ́ mi.

Baba_Ọ́dítọ̀

Rárá o. Ẹ wò ó: kí oṣù kan tó parí, gbogbo ₦1 yín á di ₦1.015. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà á tún gba ìdá kan náà. Nítorí náà, ẹ kàn máa fi 1.015 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí ẹ óò fi ní méjìlá nínú rẹ̀. Ẹ tẹ fóònù yín ní ìbú, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò, bọ́tìnì kan á yọ tí wọ́n kọ xʸ tàbí ^ sí. Ẹ tẹ 1.015, ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn, ẹ tẹ 12. Á fún yín ní 1.195618. Ẹ yọ 1 ojú owó kúrò, ohun tó kù ni 0.1956, ìyẹn 19.56%.

```
(1 + r/m)^m - 1
(1 + 0.18/12)^12 - 1 = 0.1956
```

r ni èlé tí wọ́n dárúkọ fún ọdún, m ni iye ìgbà tí wọ́n ń kà á lọ́dún. 19.56 yìí lẹ máa gbé síwájú 19, kì í ṣe 18. Ohun tí èèyàn sì máa ń ṣì níbẹ̀ ni pé á gbàgbé láti pín 18 sí méjìlá kó tó gbé e sókè. Tẹ́ ẹ bá rí 629% lójú fóònù yín, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti yà bàrá.

Ìyá_Ìbejì_Àgbọ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lówó láti fi pamọ́, ẹ kú oríire. Èmi gba ₦100,000 láti fi ra ọjà lọ́wọ́ àwọn kan, 5% lóṣù. Mo ti sọ fún baálé mi pé 60% lọ́dún ni, ó ti lérí títí. Ṣé kì í tún ṣe pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí?

Tíṣà_Màtí

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ lẹni tó béèrè ń bá bọ̀, àmọ́ ìṣirò kan náà ni, ẹni tó ń gba èrè nìkan ló yí padà. Ẹ tẹ 1.05, ẹ gbé e sí 12. 1.7959 ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò san kọ́bọ̀ títí ọdún fi pé, tí wọ́n sì ń ka èlé sórí èlé, ₦179,586 lẹ máa jẹ wọ́n. 79.59% nìyẹn, kì í ṣe 60%.

Ẹ sì wo nǹkan kan: láàárín 18 sí 19.56, kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 60 sí 79.59, ó lé ní mọ́kàndínlógún. Oṣooṣù ni wọ́n ń ka méjèèjì, ṣùgbọ́n bí èlé bá ṣe wọ́n tó ni àlàfo tó wà láàárín ohun tí wọ́n pè é àti ohun tó jẹ́ gan-an ṣe ń fẹ̀ tó. Ìdí tí àwọn tó ń yáni lówó fi ń fẹ́ràn láti pè é ní iye oṣooṣù nìyẹn, "5% péré ni".

Ìyá_Ìbejì_Àgbọ́wọ́

Háà. Àmọ́ èmi ń san ₦5,000 wọn ní gbogbo ìparí oṣù o. Ojú owó nìkan ló kù nílẹ̀.

Káyọ̀dé_Alágbèéká

Tẹ́ ẹ bá ń san èlé wọn bó ṣe ń dé, 60% ni, ẹ fọkàn balẹ̀. ₦5,000 lọ́nà méjìlá, ₦60,000. Èlé ò ráyè bímọ.

Tíṣà_Màtí

Mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Owó tó jáde lápò rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n ₦5,000 tó san lóṣù kìíní ti kúrò nínú ọjà rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá gbáko. Ká ní ẹlòmíì wá bá a lónìí pé òun á yá a ní ₦100,000, kó san ₦170,000 pa pọ̀ lópin ọdún. Lójú tìẹ, 70% burú ju 60% lọ. Tó bá jẹ́ obìnrin yìí lè fi ₦5,000 pa ₦250 lóṣù nídìí ọjà tó ń tà, ₦170,000 ìparí ọdún yẹn ló rọrùn fún un jù.

Káyọ̀dé_Alágbèéká

"Tó bá jẹ́" yẹn ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Tí ₦5,000 yẹn bá wà nílé lábẹ́ ìrọ̀rí ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Àgbọ́wọ́

Ta ló ń fi owó sábẹ́ ìrọ̀rí nílùú yìí? Tòmátì ni mò ń tà.

Baba_Ọ́dítọ̀

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Káyọ̀dé lórí "kò lópin" àná. Ìyẹn lọ̀rọ̀ tó máa ń mú kí àwọn èèyàn sá tẹ̀lé ìpolówó.

₦500,000 kan náà, 18% kan náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: ₦590,000. Lẹ́ẹ̀mejì: ₦594,050. Lóṣooṣù: ₦597,809. Lójoojúmọ́, ìgbà 365: ₦598,582. Ẹ rí i? Láti ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì péré, ₦4,050 ló wọlé. Láti oṣooṣù sí ojoojúmọ́, tí iye ìgbà tí wọ́n ń kà á fi ju ìlọ́po ọgbọ̀n lọ, kò tó ₦800. Tí wọ́n bá wá ń kà á ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tàbí ní ìṣẹ́jú àáyá, owó yẹn ò ní kọjá ₦598,609 láéláé. Láti ojoojúmọ́ débẹ̀, ₦27 ló kù.

Ohun tó fà á nìyí. Bí wọ́n bá ṣe ń kà á léraléra sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Lójoojúmọ́, 18 tí wọ́n pín sí 365 ló ń wọlé, bíi ₦247 lọ́jọ́ kìíní. Èlé tí ₦247 yẹn fúnra rẹ̀ máa bí lọ́jọ́ kejì, kọ́bọ̀ méjìlá ni. Ìwọ̀nba oṣù kan tí èlé ìbá fi jókòó lásán nìkan ni kíka ojoojúmọ́ ń gbà padà fún yín, oṣù kan ò sì gùn.

Jacob Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò ará ìlú Basel, ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti ọdún 1683. Ó mú owó kan, ó fún un ní 100% lọ́dún. Lẹ́ẹ̀kan, ó di 2. Lẹ́ẹ̀mejì, 2.25. Lóṣooṣù, 2.613. Bó ti wù kó pín in tó, kò lè débi 3, 2.718 ló dúró sí. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn ọmọ yín ń pè ní e níléèwé báyìí.

Nítorí náà, tí áàpù kan bá ń kọ "èlé ojoojúmọ́" gàdàgbà, ẹ béèrè ìdá mélòó lọ́dún kẹ́ ẹ tó béèrè nǹkan míì. 17% ojoojúmọ́ ò lè bá 18% oṣooṣù.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí, wọn kì í jẹ́ kéèyàn ṣe wàhálà tó báyìí. Tí báńkì bá ń polówó àkáǹtì ìfipamọ́, wọ́n á kọ ìdá méjì síbẹ̀. Tèmi kọ 4.41% fún ẹni tó bá fẹ́ gba èlé lóṣooṣù, ó wá kọ 4.50% AER sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. AER yẹn ni ohun tí Baba ń ṣírò yìí, kí gbogbo báńkì lè wà lórí òṣùwọ̀n kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ní APY ni wọ́n ń kọ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá ń gba èlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, 4.50% ni wọ́n kọ sí méjèèjì fún un. Ó kọ́kọ́ rú mi lójú, mo rò pé àwọn olóṣooṣù ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Tíṣà_Màtí

Ẹ ṣeun fún àpẹẹrẹ yẹn, torí ó fi hàn pé èèyàn lè rin ọ̀nà náà padà sẹ́yìn. Àbẹ̀ní, dípò kẹ́ ẹ máa béèrè pé 18 oṣooṣù jẹ́ mélòó, ẹ béèrè pé mélòó lóṣooṣù ló tó 19 ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá ní Excel:

```
=EFFECT(0.18,12)
=NOMINAL(0.19,12)
```

Ìlà kìíní á fún yín ní 0.1956. Ìkejì á fún yín ní 0.1752. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín ni pé báńkì olóṣooṣù yẹn ṣì lè já èlé rẹ̀ wálẹ̀ dé 17.6% kó sì ṣì borí èkejì. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè sọ pé 17.5% ni òun máa san lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé owó lọ, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Kásíà_Tẹ́lẹ̀rí

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tí mo rò pé ó ṣe kókó jù. Àbẹ̀ní, 1.5% oṣooṣù yẹn, ibo ló ń lọ?

Mo ṣiṣẹ́ nídìí káńtà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n fi pamọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà tọ́jọ́ bá pé, ojú owó nìkan ni báńkì máa ń tún fi sílẹ̀. Èlé á ṣẹ́ sí àkáǹtì ìfipamọ́ oníbàárà lọ́tọ̀, á sì máa sùn síbẹ̀ tàbí kéèyàn máa ná an ní kíá-kíá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ₦7,500 ni lóṣù kìíní, ₦7,500 náà ni lóṣù kejìlá. ₦590,000 lẹ máa bá, báńkì àkọ́kọ́ sì fi ₦5,000 borí. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń béèrè: ṣé ojú owó nìkan ni ká tún fi sílẹ̀, àbí ojú owó pẹ̀lú èlé? Àpótí kékeré méjì ni. Oníbàárà kì í kà á, òṣìṣẹ́ á bá a fi àmì sí èyí tó bá wù ú.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ láìbéèrè: ẹ wo èlé oṣù kejì. Tó bá bá ti oṣù kìíní dọ́gba gẹ́lẹ́, tí ọjọ́ inú oṣù méjèèjì sì dọ́gba, èlé yín kò wọ inú ojú owó.

Àbẹ̀ní_Ṣágámù

Ẹ̀ẹ̀ẹ́! Mo pe ọmọ yẹn láàárọ̀ yìí. Ó ní àkáǹtì ìfipamọ́ mi ni èlé máa ń lọ "lọ́nà tó wọ́pọ̀", àmọ́ tí mo bá fẹ́, kí n wá buwọ́ lu ìwé. Kò sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ o! Ó tún ní ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ni àwọn ń kà, kì í ṣe oṣù. Ṣé ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀? Wọ́n sì ní àwọn máa ń yọ owó orí.

Baba_Ọ́dítọ̀

Kásíà, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó ṣáájú tèmi.

Ọgbọ̀n ọjọ́ kì í ṣe wàhálà, ẹ kàn mọ̀ pé nọ́ńbà á yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n máa fi 30 pín fún 365, nítorí náà ₦7,397.26 ló máa wọlé ní ìgbà kìíní, kì í ṣe ₦7,500. Ẹ má bá wọn jà. Ìgbà méjìlá jẹ́ ọjọ́ 360, nǹkan bíi ₦596,350 ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ márùn-ún ṣì kù kí ọdún pé.

Ti owó orí, ìdá mẹ́wàá nínú èlé ni wọ́n sábà máa ń yọ, láti ojú ibi tó ti ń wọlé. Lọ́dọ̀ báńkì àkọ́kọ́, 19 di 17.1%, ₦585,500 á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ èkejì, kì í ṣe 19.56 lẹ máa yọ ọ́ lórí rẹ̀ o. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́, nítorí náà 1.5 di 1.35%, ìyẹn ló sì máa wọ inú ojú owó. Ẹ gbé 1.0135 sí 12: 1.1746. ₦587,293. Ó ṣì borí, àmọ́ ₦2,809 àná ti di bíi ₦1,800.

Káyọ̀dé_Alágbèéká

Baba, torí ₦1,800 ni gbogbo wa fi ń ṣírò láti àná? Ẹni tó bá fẹ́ ná ₦500,000 yẹn lójijì lóṣù keje ńkọ́?

Kásíà_Tẹ́lẹ̀rí

Ìyẹn nìkan ni ohun tí Káyọ̀dé sọ tí mo gbà láìjiyàn. Tí owó bá wà fún ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lè mú un lópin èyíkéyìí nínú wọn, èlé tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ò ní bọ́. Lẹ́yìn oṣù méje, bíi ₦555,000 ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí. Èyí tí wọ́n tì pa fún ọdún kan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tó bá já a kó tó pé. Àwọn kan á gba apá kan nínú èlé, àwọn mìíràn á gbà á tán.

Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ náà ní ti ẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un fi sílẹ̀, iye èlé ọjọ́ náà ni wọ́n máa lò. 18% yẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún.

Àbẹ̀ní_Ṣágámù

Ọmọ yẹn ò sọ ìyẹn náà. Tí wọ́n bá wá já a sí 16% lóṣù kẹrin ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣírò ẹ̀?

Tíṣà_Màtí

Ẹ gbé 1.015 sí 3 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. 16 tí wọ́n pín sí méjìlá jẹ́ 1.3333%, ẹ gbé 1.013333 sí 9 fún oṣù mẹ́sàn-án tó kù. Ẹ wá fi méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀. Èmi rí 1.178, ìyẹn 17.8% kí owó orí tó dé. Báńkì 19% ló borí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Àgbọ́wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa bá baálé mi sọ ti 79 yẹn?